Ìtúmọ̀-Àdápadà Kò Tó Ẹ̀rí

Àṣà kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń ṣe ìdánwò oògùn àti ìtọ́jú ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò mọ́. Ìwé ìbéèrè tí wọn yóò fi mọ bí ara aláìsàn ti rí ṣáájú ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń ti òkè òkun wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn yóò gbé e fún ẹni kan tí ó gbọ́ èdè méjèèjì kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Wọn yóò gbé Yorùbá náà fún ẹlòmíràn, ẹni tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ rárá, kí ó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni kẹta, tí ó lè má gbọ́ Yorùbá rárá, yóò wá fi Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ wé Gẹ̀ẹ́sì tí ó padà dé. Bí méjèèjì bá jọra, ọ̀rọ̀ parí. Wọn yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ìtúmọ̀ náà péye, ìwé ìbéèrè yóò sì jáde lọ bá àwọn ará ìlú. Iṣẹ́ ẹni kejì yìí ni a ó máa pè ní ìtúmọ̀-àdápadà nínú àròkọ yìí.

Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa léèrè kò ṣòro. Kí ni ìjọra Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì ń jẹ́rìí sí? Ó ń jẹ́rìí sí i pé ọ̀mọ̀wé méjì gbọ́ ara wọn yé. Kò jẹ́rìí sí i pé ẹni tí wọn yóò ka ìbéèrè náà sí létí yóò gbọ́ ohun tí oníṣègùn fẹ́ béèrè. Àárín ohun méjì yìí jìn sí ara wọn, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń já sí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àríwísí tuntun nìyí. Ní ọdún 1970 ni Richard Brislin tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtúmọ̀-àdápadà jáde, iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí títí di òní gẹ́gẹ́ bí orísun àṣà náà. Ó lo àwọn ènìyàn mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún tí wọ́n gbọ́ èdè méjì ní Yunifásítì Guam, èdè mẹ́wàá ni wọ́n sì ń sọ láàárín ara wọn. Brislin fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì lè jọra kí ìtúmọ̀ tí ó wà láàárín sì má dára. Ó ní àwọn atúmọ̀ méjèèjì lè ní àdéhùn kan náà nínú orí wọn lórí ọ̀rọ̀ tí kò bára mu. Ó ní ẹni tí ń dá a padà lè fi òye ara rẹ̀ tún èdè tí kò gún ṣe. Ó tún ní atúmọ̀ àkọ́kọ́ lè kó ìhun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú èdè kejì, tí yóò fi rọrùn fún ẹni kejì láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Àwọn ènìyàn mú ọ̀nà tí ó là sílẹ̀, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sójú ìwé.

Láti rí bí ìkìlọ̀ náà ṣe kan Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á ro ilé kan ní Onírèké, ní ìlú Ìbàdàn, kò jìnnà sí Dùgbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó mọ àdúgbò ìjọba náà ni ó mọ bí ilé ibẹ̀ ti rí: ilé ńlá níwájú, ọgbà yí i ká, ilé ọmọ-ọ̀dọ̀ wà lẹ́yìn. Kí á sọ pé nínú ilé ńlá ni obìnrin kan ń gbé tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ó kàwé ní yunifásítì, tí ó ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì láràárọ̀. Nínú ilé ẹ̀yìn ni obìnrin mìíràn ń gbé tí ó ń ta ata àti ẹ̀fọ́ ní Dùgbẹ̀, tí kò kàwé kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, ọmọ ìlú kan náà sì lè ni wọ́n. Bí a bá ń wá ẹni tí yóò dá ìwé padà sí Gẹ̀ẹ́sì, inú ilé ńlá ni a ó wọ̀. Bí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ìtọ́jú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni inú ilé ẹ̀yìn. Ẹni tí a fi yẹ ìwé wò kọ́ ni ẹni tí a fẹ́ lo ìwé fún.

Ẹ wo ìwé ìbéèrè kan tí ó gbajúmọ̀ gidi lórí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì, èyí tí Kroenke, Spitzer àti Williams gbé jáde ní 2001, tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni ó ní. Ó ń béèrè iye ìgbà tí ohun kọ̀ọ̀kan yọ ènìyàn lẹ́nu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹni tí nǹkan náà kò ṣe rárá gba òdo. Ẹni tí ó ń ṣe ní ọjọ́ mélòó kan gba 1. Ẹni tí ó ń ṣe ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ gba 2. Ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe lójoojúmọ́ gba 3. Gbogbo rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Ẹni tí ó bá gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tí ó yẹ kí a tọ́jú. Wọ́n ń lo irú ìwé yìí láti yan ẹni tí yóò wọ inú ìdánwò ìtọ́jú, wọ́n sì tún ń lò ó láti mọ̀ bóyá ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè kìíní dá lórí ẹni tí nǹkan kò wù mọ́, tí ohunkóhun kò dùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbé e kalẹ̀ ni pé kí ènìyàn ní “lítù” ìfẹ́ tàbí ìgbádùn nínú ṣíṣe nǹkan. Olùkọ́ tí ó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa mọ̀ pé “lítù” àti “ẹ lítù” kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èkíní ń sọ pé kò tó nǹkan, pé ó kù díẹ̀ kí ó má sí. Èkejì ń sọ pé ó wà, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Yorùbá ní “díẹ̀”, èkejì yìí sì ni “díẹ̀” sún mọ́ jù lọ. Bí a bá bi ènìyàn pé ṣé ó ní owó lọ́wọ́, tí ó ní “díẹ̀,” ó ń sọ pé òun ní i. Ẹni tí kò ní kì í sọ pé òun ní díẹ̀. Yóò ní kò sí, tàbí kò tó nǹkan.

Kí á wá sọ pé atúmọ̀ àkọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: “Ìfẹ́ tàbí ìgbádùn díẹ̀ nínú ṣíṣe nǹkan.” Kí obìnrin inú ilé ńlá dá a padà. Kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ pé ìwé àìsàn ni, ó mọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn ń sọ, ó sì lóye pé àìdára ni wọ́n ń wá. Yóò kọ “lítù” láìfi ohunkóhun ṣáájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì yóò bára mu láìku ọ̀rọ̀ kan. Ẹni kẹta yóò fi àmì sí i pé ó dára.

Ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń béèrè ọ̀rọ̀ yóò wá yí i sí ìbéèrè lẹ́nu, nítorí ẹnikẹ́ni kì í ka àpólà tí kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe sí àgbàlagbà létí bí ẹni ka orúkọ ọjà.

“Ẹ kú ìjókòó, mà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ẹ ní ìfẹ́ tàbí ìgbádùn díẹ̀ nínú ṣíṣe nǹkan?”

“Ìgbádùn kẹ̀? Ọmọ mi, kò sí ìgbádùn kankan o. Ìgbádùn wo?”

Òdo ni ọmọbìnrin náà yóò kọ sílẹ̀, nítorí ó ní “kò sí.” Ẹni tí ó yẹ kí ó gba 3 ni ó gba òdo yìí. Bí ara ẹlòmíràn bá yá, tí ó ń jẹ̀gbádùn ọjà rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, òun yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́, lójoojúmọ́ ni, wọn yóò sì fún un ní 3. Ìbéèrè náà ti yí padà pátápátá: aláìsàn ni ó ń pè ní alára líle, alára líle ni ó ń pè ní aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ títí dé òpin. Kí á sọ pé obìnrin aláta wa gba 8 nínú ìbéèrè mẹ́jọ yòókù. Bí ìbéèrè kìíní bá gún, yóò gba 3 sí i, gbogbo rẹ̀ yóò di 11, wọn yóò sì mọ̀ pé ó yẹ fún ìtọ́jú. Pẹ̀lú ìbéèrè tí ó yí padà, òdo ni ó fi kún 8, kò sì dé 10. Wọn yóò ní kí ó máa lọ sílé. Kí á tilẹ̀ sọ pé oníṣègùn fi ojú inú rí àìsàn rẹ̀, tí ó sì gbà á wọlé. Ìtọ́jú ṣiṣẹ́, ìbéèrè mẹ́jọ yòókù wálẹ̀ láti 8 sí 4, nǹkan tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Iye tòótọ́ ni pé ó ti 11 bọ́ sí 4, ìyàtọ̀ 7, èyí tí kò kéré rárá. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ó ń jẹ̀gbádùn, ìbéèrè kìíní yóò fún un ní 3, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di 7. Lójú ìwé, ó ti 8 bọ́ sí 7. Àwọn onídánwò yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ́jú náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, bẹ́ẹ̀ ara obìnrin náà ti yá.

Ọ̀nà wà láti fura. Bí a bá kó ìdáhùn ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, ó yẹ kí ìbéèrè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán máa bá ara wọn rìn: ẹni tí ó gba máàkì gíga nínú mẹ́jọ sábà máa ń gba gíga nínú ìkẹsàn-án. Bí èyí tí ó gba gíga nínú mẹ́jọ bá ń gba òdo nínú ìbéèrè kìíní, ìbéèrè yẹn ni kí a gbé wò. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni a ó rí i? Lẹ́yìn tí a ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè tán ni, tí owó ti wọlé, tí ọjọ́ ti lọ.

Ẹ wá wo òdì kejì rẹ̀, nítorí ìtúmọ̀-àdápadà kì í ṣe aláìríran nìkan, ó tún máa ń dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Kí á sọ pé atúmọ̀ mìíràn, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dénú, kọ ọ́ pé: “Ṣé ẹ rí i pé kò sí ohun tí ó wù yín ṣe mọ́, tàbí pé ohun tí ó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ yín mọ́?” Ìyá aláta kò ní í ṣe àṣìgbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, yóò gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹni kẹta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi yẹ́ńrẹ́n pupa fa ìlà. Níbo ni “tẹ́lẹ̀” ti wá? Kí ló dé tí “kò tó nǹkan” fi di “kò sí mọ́”? Ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ni ó wà nínú ti àkọ́kọ́, èéṣe tí wọ́n fi di gbólóhùn odindi? Atúmọ̀ tí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ lásìkò yóò padà sí “ìgbádùn díẹ̀.” Báyìí ni ọ̀nà tí a ń pè ní ìdánwò ìtúmọ̀ rere ṣe ń lé ìtúmọ̀ rere jáde tí ó sì ń gba èyí tí kò dára wọlé. Àwọn olùkọ́ Yorùbá kò níláti wá àpẹẹrẹ jìnnà. Ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ fún ẹyọ ọ̀rọ̀ kún fún un, máàkì ni a sì máa ń gé lára wọn nítorí rẹ̀.

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú ìwé kan náà ni ó léwu jù, nítorí òun ni ó ń wá ẹni tí ikú ń wù tàbí tí ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀ lára. Àgbàlagbà ni a ń bi, a kò sì lè lo “o” fún un. “Ẹ” ni a ó lò. Kí á sọ pé a kọ ọ́ báyìí: “Ṣé ẹ máa ń ronú láti ṣe ara yín léṣe?” Gbogbo olùkọ́ gírámà mọ̀ pé pọ́nna ni gbólóhùn yìí. “Ẹ” lè jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀. “Ara” lè tọ́ka sí ẹni náà fúnra rẹ̀, ó sì lè tọ́ka sí ẹnì kìíní àti ẹnì kejì tí ń ṣe nǹkan sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí “wọ́n lu ara wọn” ti lè jẹ́ ìjà àárín ènìyàn méjì. Nítorí náà ìbéèrè kan náà lè jẹ́ pé ṣé ìwọ, àgbà, ń gbèrò láti pa ara rẹ lára, ó sì lè jẹ́ pé ṣé ẹ̀yin inú ilé ń gbèrò láti ṣe ara yín ní jàm̀bá.

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń dá a padà níláti yan ọ̀kan, yóò sì yan èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì mu. Ní kété tí ó bá yan án, pọ́nna náà ti pòórá lójú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni kẹta kò lè rí i láé, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, pọ́nna náà wà níbẹ̀ digbí. Obìnrin tí ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn orogún lè dáhùn pẹ̀lú ìbínú díẹ̀ pé, “Rárá o, a kì í jà nínú ilé wa.” Òdo ni yóò gbà, ọkàn rẹ̀ tí ó wúwo yóò sì bá a padà sílé. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì nira: “Ṣé ó ti ṣe yín rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí bí i pé ó sàn kí ẹ kú, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín fi ọwọ́ ara yín ṣe ara yín léṣe?” “Fúnra yín” àti “fi ọwọ́ ara yín” ti pa ìtumọ̀ kejì. Ẹni tí ó mọ gírámà Yorùbá ni ó lè rí àìsàn gbólóhùn náà kí ó sì wò ó sàn. Gẹ̀ẹ́sì kò lè ràn án lọ́wọ́.

Àwọn ibi mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ fi ń bọ́ sọnù tí kò nílò àlàyé gígùn. Ìwé ìbéèrè ìlera kan tí wọ́n ń pè ní SF-36 ń béèrè bóyá ènìyàn lè rìn kọjá búlọ́ọ̀kù mélòó kan. Ìwọ̀n ìrìn nílùú Amẹ́ríkà ni búlọ́ọ̀kù. Ní Ìbàdàn, ohun tí bíríkìlà fi ń mọlé ni. Ẹni tí ó bá kọ “búlọ́ọ̀kù” yóò rí i padà ní Gẹ̀ẹ́sì láìyingin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè keje nínú PHQ-9, tí ó fi kíka ìwé ìròyìn àti wíwo tẹlifíṣọ̀n ṣe àpẹẹrẹ ìfọkànsí iṣẹ́. Kò sí bí a ṣe lè túmọ̀ “kíka ìwé ìròyìn” tí kò ní í padà dé láìfarapa. Ẹni tí kò mọ̀wéé kà ni ọ̀rọ̀ náà kò kàn, kò sì sí ìgbésẹ̀ kan nínú ìtúmọ̀-àdápadà tí ó gba òun wọlé láti sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn alátìlẹ́yìn àṣà yìí ní ìdáhùn kan, kò sì yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí ń náwó sí ìdánwò náà kò gbọ́ Yorùbá, pé ó sì tọ́ kí wọ́n ní ọ̀nà kan láti rí ohun tí wọn yóò ka sí aláìsàn létí. Òtítọ́ ni. Ìtúmọ̀-àdápadà ń mú ẹni tí ó fo ìlà kan, ó ń mú ẹni tí ó gbàgbé “kò” tàbí “má,” ó ń mú ẹni tí ó kọ ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù méjì. Ó tilẹ̀ lè gbé ìjíròrò tó nítumọ̀ dìde. Bí atúmọ̀ kan bá kọ “ìtàdógún” fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí ń dá a padà lè kọ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, nítorí láti inú ẹ̀tàdínlógún ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pẹ̀lú kíka ọjọ́ òní mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí sì ń fi ìtàdógún pe ọ̀sẹ̀ méjì gan-an. Ó dára kí ìtúmọ̀-àdápadà pariwo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ èwo nínú ìtumọ̀ méjèèjì ni ó wà lọ́kàn ìyá aláta. Ẹnu ìyá aláta nìkan ni a ti lè gbọ́ ìyẹn. Ajá tí ń gbó lóru wúlò nínú ilé, ṣùgbọ́n a kì í fi ajá ṣe adájọ́.

Àwọn tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa nílùú Ìbàdàn kò fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nínú ìwádìí ńlá tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana dìjọ bẹ̀rẹ̀ ní 1992 lórí àìsàn ìgbàgbé àwọn arúgbó, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Hugh Hendrie wà, wọ́n bi àwọn ará Ìdíkàn tí ọjọ́ orí wọn ti di 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ léèrè ọ̀rọ̀. Iye wọn jẹ́ 2,494. Wọ́n túmọ̀ ìwé ìbéèrè wọn sí Yorùbá, wọ́n sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ìwé ìbéèrè nìkan pe ẹnikẹ́ni ní aláìsàn. Wọ́n yan lára àwọn tí ó dáhùn, oníṣègùn sì yẹ̀ wọ́n wò ní ojúkojú. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 ni pé àìsàn náà jẹ́ 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 4.82 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé nílé wọn ní Indianapolis. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìbéèrè tí a dá padà nìkan ni ó dúró lé, kò sí ẹni tí ì bá lè sọ bóyá ọpọlọ àwọn arúgbó Ìdíkàn ni ó yàtọ̀ ni, àbí gbólóhùn tí a kà sí wọn létí. Ìyẹ̀wò oníṣègùn ni ó jẹ́ kí ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn. Ìdánwò ìtọ́jú tí kò ní irú àyẹ̀wò kejì yìí, tí ó sì jẹ́ pé máàkì orí ìwé ni gbogbo èsì rẹ̀, kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí bí Yorùbá inú rẹ̀ kò bá gún.

Ìyàtọ̀ tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbá nìkan. Epstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè kan lórí ẹ̀kọ́ ìlera láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní 2015. Wọ́n ṣe é pẹ̀lú ìtúmọ̀-àdápadà, wọ́n tún ṣe é láìsí i. Wọ́n ṣe é pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀, wọ́n tún ṣe é láìsí wọn. Ìgbìmọ̀ náà ni ó fi nǹkan kún iṣẹ́ náà. Ìtúmọ̀-àdápadà kò fi bẹ́ẹ̀ fi ohunkóhun kún un. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì sún mọ́ ara wọn jìnnà ju bí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti sún mọ́ ara wọn lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ó gba ipò àkọ́kọ́ ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe àfikún lẹ́yìn tí owó ti ń tán lọ. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àgbáyé kan tí ń jẹ́ ISPOR gbé jáde ní 2005 ní kí a jókòó ti ènìyàn márùn-ún sí mẹ́jọ lára irú àwọn tí ìwé náà wà fún. Beaton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní 2000, ní kí wọ́n tó ọgbọ̀n sí ogójì. Kì í ṣe kí a kàn bi wọ́n bóyá ó yé wọn, nítorí àgbà Yorùbá kì í sọ fún ọmọdé tí ó bọ̀wọ̀ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé òun. Yóò ní ó yé òun. A ó ka ìbéèrè kan, a ó sì ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín sọ ohun tí mo bi yín.” Lẹ́yìn ìdáhùn, a ó ní, “Báwo ni ẹ ṣe dé ibi ìdáhùn yẹn?” Ìbéèrè kejì yìí ni ó máa ń tú àṣírí. Ẹni tí ó gbọ́ “ṣe ara yín léṣe” bí ìjà yóò mẹ́nu kan ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ “ìgbádùn díẹ̀” bí ohun rere yóò dúpẹ́. Ènìyàn mẹ́ta péré ti tó láti mú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì méjì kò lè mú láé. Kí a sì yan wọ́n láti inú ilé ẹ̀yìn, láti inú ọjà, láti inú ọgbà mẹ́káníìkì, kì í ṣe láti ọ́fíìsì àwọn olùwádìí.

Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu wọn ni kí a gbé lọ bá ìgbìmọ̀, nínú èyí tí oníṣègùn, atúmọ̀ méjèèjì àti onímọ̀ gírámà Yorùbá yóò jókòó sí. Oníṣègùn yóò sọ ohun tí ìbéèrè náà ń wá. Onígírámà yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń tàbùkù. Ohun tí olùdáhùn sọ ni yóò dá ẹjọ́ láàárín wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí ó padà dé lè wà lórí tábìlì náà pẹ̀lú. Ó kàn níláti jẹ́ pé bí ó bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí onímọ̀ Yorùbá sì lè ṣàlàyé pé èdè ni ó fà á, kí a fi Yorùbá náà sílẹ̀ bí ó ti rí.

Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ń ṣe ìwádìí ni ó lè yí ọ̀rọ̀ náà padà láàárín ọdún kan. Bí wọ́n bá béèrè ìwé ẹ̀rí ìtúmọ̀-àdápadà nìkan, òun nìkan ni wọn yóò máa rí gbà. Bí wọ́n bá ní kí olùwádìí kọ ojú ìwé méjì sí i, tí yóò fi sọ irú ènìyàn tí ó jókòó tì, ìbéèrè tí ó yí padà nítorí ọ̀rọ̀ wọn, àti bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ àti bí ó ti wá rí, ọmọbìnrin tí ń béèrè ọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn yóò ní ìwé mìíràn lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ìyá aláta bá tún dé.

“Ẹ kú ìjókòó, mà. Ṣé ẹ rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí pé kò sí ohun tí ó wù yín ṣe mọ́?”

“Ọmọ mi, àní ọjà gan-an kò wù mí í lọ mọ́.”